Ìhà Wo Ni Kí N Dúró Sí?

Ní Igbó-Ọrà, ẹnu la fi ń mọ ọ̀nà ọkọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta kì í ka pátákó. Igbe àwọn tó ń pe èrò ní gáréèjì ló máa tẹ̀ lé. Ọkọ̀ Èrúwà ní àyè tirẹ̀, ti Ìdèrè náà ní tirẹ̀. Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ mìíràn, ẹni tó jókòó tì í ni yóò sọ fún un kí wọ́n tó jìnnà. Fọ́tò kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí èyí nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù láti Lọ́ńdọ̀n.

Màmá Ìbejì lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn ní Peckham. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ wọn ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn nìkan ló sì máa dá lọ sí Victoria láti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Manchester. Wọ́n ti san owó rẹ̀, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ya àwòrán ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó wà lára pátákó ibùdókọ̀, wọ́n wá fi ohùn ránṣẹ́ pé: "Ọmọ mi, ìwọ lo ń kàwé. Bá mi wò ó, ìhà wo ni?"

Ohun tó dá mi lójú ni mo kọ́kọ́ wá. Bọ́ọ̀sì 36 gba Peckham, ó sì gba Victoria. Queen's Park ni ìparí ọ̀nà rẹ̀ lápá kan, New Cross ni lápá kejì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ti tó, nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà tí a fà sórí bébà kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, 36 náà ni wọ́n kọ síwájú àwọn méjèèjì. Bí mo bá ní "ẹ wọ 36", mi ò tíì dáhùn.

Mo wá wo bí orúkọ ṣe tò tẹ̀ léra. Láti Peckham, Camberwell ló kàn, lẹ́yìn náà Oval, Vauxhall, kó tó kan Victoria, Queen's Park sì ṣì wà níwájú. New Cross wà lódìkejì pátápátá. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ Queen's Park sí níwájú ni tiwọn. Ibẹ̀ gan-an ló lè ru àlejò lójú: yóò máa wá Victoria níwájú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí ọkọ̀ máa parí sí ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe ibi tí ìwọ máa sọ̀.

Èyí tí fọ́tò kò lè sọ ni ẹ̀gbẹ́ títì tí Màmá dúró sí. Ní Lọ́ńdọ̀n, ibùdókọ̀ méjì lè dojú kọra wọn kí wọ́n sì jẹ́ orúkọ kan náà. Lẹ́tà tó wà lókè òpó àti ọ̀rọ̀ Towards tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Fọ́tò yìí kò dé òkè òpó. Bẹ́ẹ̀ ni apá òsì lórí àwòrán kì í ṣe apá òsì lójú títì.

Ohun kan tún wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n apá òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ tó ti mọ títì Igbó-Ọrà yóò fẹ́ dúró sí òdìkejì ibi tó yẹ.

Mo kọ èsì báyìí: "Ẹ ǹlẹ́ mà. Ó dá mi lójú pé 36 ni, èyí tí wọ́n kọ Queen's Park sí. Kò dá mi lójú pé ibi tí ẹ dúró sí yìí ni ó máa dúró. Ẹ gbójú sókè sára òpó. Bí ẹ bá rí New Cross lẹ́yìn Towards, ẹ sọdá. Bí ó bá jẹ́ Camberwell tàbí Victoria, ẹ dúró. Kí ẹ tó fi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ bi awakọ̀ pé, 'Victoria?'"

New Cross ni wọ́n bá lára òpó. Ká ní mo ti fi ìdánilójú sọ pé "ẹ dúró síbẹ̀", wọn ì bá gbà mí gbọ́, torí pé èmi ni mò ń kàwé. Apá èsì mi tó ní "kò dá mi lójú" ló jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kó tún un yà, kí orí òpó àti títì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Bí àyè kò bá sí fún ìyẹn, ẹ sọ èyí tí ẹ rí àti èyí tí ẹ kò rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó wà níbẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ parí ìyókù.