Ìlà Tí Kò Ní Àmì

Àwọn òbí a máa bi àwa olùkọ́ èdè Yorùbá léèrè bí ọmọ ṣe ń gba máàkì lórí ọ̀rọ̀ tí kò fi àmì kankan sí. Ìwé iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kìíní kan ni a ó fi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà lórí ìwé náà. “Igba” ni a tẹ gbogbo wọn, láìsí àmì, a sì kọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọmọ lè fi àmì ohùn tó bá a mu sí i. Fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá.

Fún ohun tí a fi ń bu omi, ó kọ “igbá”: re, mí. Ó gba méjì.

Fún ọgọ́rùn-ún lọ́nà méjì, kò kọ nǹkan kan. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ohùn àárín kì í gba àmì, nítorí náà “igba” lásán ni ìdáhùn gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò fọwọ́ kan bébà rárá yóò rí máàkì mẹ́rin he tí a bá ń ka àwọn fáwẹ̀lì tó wà láìlámì: méjì níhìn-ín, ọ̀kan lára “igbá”, ọ̀kan lára “igbà”. Ìwé tó ṣófo látòkè délẹ̀ kò fi ìmọ̀ kankan hàn, òdo ni a ń fún un. Ọmọ tiwa yìí fi àmì sí mẹ́rin yòókù, ó sì fo ìkan yìí nìkan. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fò ó ni. A fún un ní méjì.

Fún okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àmì tó fà sórí “a” fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Òkè ni àbí ìsàlẹ̀? A fi wé àmì ti “igbá”, èyí tó tẹ̀ sọ́tùn-ún dáadáa. Èyí kò jọ ọ́. Òkè rẹ̀ yà díẹ̀ sósì. “Igbà” ni, méjì.

Fún àkókò, ó kọ “ígbà”. Fáwẹ̀lì kejì tọ̀nà, ó gba ọ̀kan. Ti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè rí bẹ́ẹ̀: nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ kì í gba ohùn òkè. Ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ bí kò ṣe bá etí mu.

Fún èso tí a ń jẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìkàn, ó tún kọ “igbá”, bẹ́ẹ̀ “ìgbá” ni: dò, mí. A fún un ní ọ̀kan nítorí ohùn òkè tó wà nípò rẹ̀. Òun nìkan ló ṣeé jiyàn lé, torí ó lè jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ló kàn tún kọ. Àwa a sì máa kọ ìdí náà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, kí òbí tó bá fẹ́ bá wa jiyàn lè rí i.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ọmọ náà gbà.