Lẹ́tà Ìyá Ìbejì

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìyá àgbà wa kú ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Pọ́tónófò. Sátidé, ọjọ́ 16, ni wọ́n fẹ́ sin wọ́n. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, a sì ń lọ sílé-ìwé ní Àpápá. Ìbejì ni wá, Praimárì Karùn-ún la wà, kíláàsì wa ò sì pa pọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tẹ́ẹ̀sì ìṣirò, máàkì ogún nínú ọgọ́rùn-ún.

Bàbá wa ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ibà ń ṣe wá. Màmá wa kọ̀. Wọ́n ní, "Àwọn tí ibà ń ṣe ló máa gbé búrẹ́dì gígùn Kútọnu wá fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn?"

Lẹ́tà tí Màmá kọ́kọ́ kọ ò ju ìlà mẹ́ta lọ: ọ̀rọ̀ ẹbí pàjáwìrì ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ò ní lè wá. Ọ̀gá ilé-ìwé dá a padà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Màmá.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá o. Ṣùgbọ́n ẹ kàn sọ fún mi pé wọ́n ń lọ ni, ẹ ò tọrọ àyè. Ìgbà wo ni wọ́n ń padà? Kí ni kí tíṣà ṣe sí tẹ́ẹ̀sì wọn?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá jókòó kọ lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ tòótọ́. Àdírẹ́sì àti déètì wà lókè. Orúkọ wa àti kíláàsì kálukú tẹ̀ lé e. Tí a bá tú àárín rẹ̀ sí Yorùbá, ohun tó wí nìyí:

"Mo fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè fún àwọn ọmọ mi láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18, nítorí ìsìnkú ìyá mi ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọn yóò wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì wọn ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìrìn-àjò. Èmi fúnra mi yóò rí i pé wọ́n da gbogbo nóòtì kọ."

Ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí tíṣà méjèèjì. Tíṣà Táíwò fún un ní tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́rú. Tíṣà Kẹ́hìndé ní òun á dúró dè é.

A lọ, a sin ìyá àgbà, a sì padà gba Sẹmẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ tó gbé wa dé Máìlì Tú. Síbẹ̀, Màmá ò jẹ́ ká sùn ilé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní déètì tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn kọ nìyẹn.

Táíwò gba mẹ́tàdínlógún. Kẹ́hìndé gba mẹ́sàn-án, torí ọjọ́ Jímọ̀ tí a wà ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì tiẹ̀, ó sì wà nínú tẹ́ẹ̀sì tó ṣe. Ó da nóòtì kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yé e. Lẹ́tà gba àyè fún wa. Kò gbọ́ ẹ̀kọ́ dè wá.