Ọkọ̀ Ara Ẹni Tó Ń Gbé Èrò

Ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ kan ní Ayépé ṣàpẹẹrẹ. Nígbà tó ra adójútòfò fún ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ìlò ara òun ni. Owó oṣù kò tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ náà gbé èrò Bolt l'Ékòó lópin ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ forí sọ odi, àtúnṣe jẹ́ 1,800,000 náírà. Àkọsílẹ̀ orí fóònù fi hàn pé èrò wà nínú rẹ̀. Àdéhùn ọkọ̀ ara ẹni sábà máa ń yọ gbígbé èrò gbowó sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí kì í kúrò lójú pópó súnmọ́ ewu jù. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò san kọ́bọ̀. Ká ní ó ti sọ fún wọn kó tó gbé èrò àkọ́kọ́ ni, àfikún owó ni wọn ìbá gbà, wọn ìbá sì kọ ìlò tuntun náà sínú ìwé rẹ̀.