Lẹ́tà tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ sí Aláàdìrẹ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Abẹ́òkúta, ó sì máa ń ṣe fídíò nípa aṣọ sórí Instagram. Àwọn tó ń tẹ̀lé e kò ju 4,200 lọ. Màmá wa ló ń ra dátà fún un. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, màmá sọ fún un pé bí fídíò náà kò bá lè bọ́ ara rẹ̀ kí ọdún tó parí, kí ó fi sílẹ̀ kí ó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn oníṣòwò kéékèèké pé kí wọ́n sanwó fún òun kí òun bá wọn ṣe fídíò ọjà wọn.

Oníṣòwò mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ohun tó kọ sí gbogbo wọn kò ju pé, "Mo fẹ́ràn ọjà yín gan-an, ẹ jẹ́ ká jọ ṣiṣẹ́." Mẹ́jọ kò dáhùn. Ẹnì kan ní òun yóò fún un ní aṣọ dípò owó, bẹ́ẹ̀ aṣọ kì í ra dátà. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé èèyàn lè fi ránṣẹ́ sí ẹlẹ́ja tàbí oníbúrẹ́dì láì yí ohunkóhun padà. Ẹni tó gbà á kò lè mọ̀ bóyá òun gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó fẹ́ kọ èyí tó ṣe ìkẹwàá, ó yan ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá náà rí, ó sì ti fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kó tó kọ ohunkóhun, ó ka gbogbo ìbéèrè tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ àwòrán ọjà ìyá náà. Ìbéèrè kan ń jáde léraléra: "Ṣé kò ní ṣí?" Ìyá náà máa ń dáhùn pé, "Rárá o, ojúlówó ni." Ṣùgbọ́n ẹni tí àdìrẹ ti ba aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́ nínú agbada rí kò ní torí ìyẹn gbàgbọ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí iṣẹ́ tí fídíò lè ṣe.

Ohun tó kàn ni iye èèyàn. Fídíò rẹ̀ kan wà tí 61,000 èèyàn wò, ó sì wù ú kó fi ìyẹn hàn. Èmi tí mò ń kọ́ ìṣirò owó nílé ìwé ni ó ní kí n bá òun wò ó. Mo mú fídíò mọ́kànlá tó ṣe kẹ́yìn, mo tò wọ́n láti orí èyí tí àwọn tó wò ó kéré jù dé orí èyí tí wọ́n pọ̀ jù, mo sì mú èyí tó bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́. Ó jẹ́ 1,850. Fídíò ńlá kan lè wáyé nípa oríire, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ló sọ ohun tí oníṣòwò lè retí. A tún wo ìlú tí àwọn tó ń wò ó ń gbé. Ó lé ní ìdajì wọn tó wà ní Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìbàdàn, ibi tí ìyá náà sì ń fi ọjà ránṣẹ́ sí nìyẹn.

Iye owó ló gba wa lákòókò jù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba ₦35,000, kí ó sì fún àwọn tó ń wò ó ní ẹ̀dínwó. Mo ní kí a kọ́kọ́ jókòó sí ipò ìyá aláàdìrẹ. Yáàdì márùn-ún jẹ́ ₦12,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èrè orí rẹ̀ bá jẹ́ ₦3,000, ó gbọ́dọ̀ ta méjìlá kí ó tó rí ₦35,000 padà. Bí a bá wá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọjà fún oníbàárà, ₦1,200 nìyẹn, èrè rẹ̀ á ṣẹ́ ku ₦1,800, á sì gbọ́dọ̀ ta ogún. A fagi lé ẹ̀dínwó. Dípò rẹ̀, a ní kí ẹni tó bá rí fídíò náà sọ ọ̀rọ̀ kan, "agbada", nígbà tó bá fẹ́ rajà, kí ìyá náà lè ka iye àwọn tí fídíò mú wá. A fi owó náà sí ₦20,000.

Báyìí ni lẹ́tà náà ṣe rí:

"Ẹ káàsán mà, ẹ kú ọjà o. Mo ra yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ yín ní Ìtọ́kú, mo fi rán búbá àti ìró. Mo rí i pé àwọn oníbàárà máa ń bi yín bóyá aṣọ náà ń ṣí. Mo fẹ́ ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan tí màá ti fọ aṣọ yín lẹ́ẹ̀mẹrin lójú wọn, kí wọ́n rí omi rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 1,850 èèyàn ló ń wo fídíò mi, ọ̀pọ̀ wọn wà níbi tí ẹ ń fi ọjà ránṣẹ́ sí. Fídíò kan àti àwòrán mẹ́ta jẹ́ ₦20,000, ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tó bá jáde. Ẹ lè lo fídíò náà lójú ewé yín fún oṣù mẹ́ta. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ sanwó fún mi. Bí àwọ̀ bá jáde nígbà àkọ́kọ́, màá fi hàn bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n fi fídíò ìfọṣọ kan tí mo ti ṣe rí ránṣẹ́ sí yín?"

Ìlà tó sọ pé òun yóò fi àwọ̀ tó bá jáde hàn, mo rò pé yóò lé ìyá náà sá. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí òun bá fi pa mọ́, ẹni tó bá rà á yóò rí i nínú agbada tirẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò sì bà jẹ́. Ní tòótọ́, àdìrẹ tuntun máa ń tú aró tí kò wọ inú aṣọ sílẹ̀ nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, kò sí èsì. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ìlà kan péré lé e, pé òun ṣì ń retí ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá náà wá dáhùn pé owó náà ti pọ̀ jù, kí ó wá gba aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó ní òun lè yọ àwòrán mẹ́ta kúrò, kí fídíò nìkan jẹ́ ₦15,000. Bí ó bá kàn já owó wálẹ̀ tí iṣẹ́ kò dín kù, ìyá náà yóò rò pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Ìyá náà gbà, ó sì san ₦7,500 ṣáájú.

Nínú fídíò náà, omi àkọ́kọ́ dúdú bí aró, èkejì fúyẹ́, nígbà tó sì di ẹ̀kẹrin, ìsàlẹ̀ agbada hàn kedere. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì sá a síbi òjìji. Ó tan àmì "Paid partnership" tó wà lórí Instagram. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn méje ló sọ "agbada" fún ìyá náà. Èrè méje jẹ́ ₦21,000. Nígbà tó yọ ₦15,000, ó ku ₦6,000. Kò pọ̀, àwọn kan sì lè ti rajà láì rántí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá aṣọ náà ń ṣí, ìyá náà kì í jiyàn mọ́, fídíò ló ń fi ránṣẹ́. Ó ti bi ẹ̀gbọ́n mi ní iye tí yóò gbà láti ṣe òmíràn nípa bí a ṣe ń lọ àdìrẹ, màmá wa sì ti gbà pé kí ó ra dátà oṣù tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀.