Kọ Ibi Tó Ń Gbé Kí O Tó Kọ Ohun Tó Sọ

Ní Ṣókótó, láti oṣù kẹta títí òjò yóò fi dé, ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Oòrùn á mú kọjá ìwọ̀n 40, odò Rímà á fà, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lórí ọmọlánke àwọn mairúwà á sì gbówó lórí. Ìgbà yẹn ni àdúgbò wa máa ń pèpàdé. Èmi akọ̀wé ni wọ́n sì máa ń kó ohùn ìpàdé tí a gbà sínú fóònù fún pé kí n sọ ọ́ di ojú ìwé kan tí a ó gbé lọ fún àwọn aláṣẹ.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ìpàdé náà, Alhaji kan ní omi ẹ̀rọ ń wá lóru. Ìyá kan fò dìde: "Irọ́ ni! Látìgbà àwẹ̀, n ò rí ẹ̀kán kan." Ariwo ta. Bí mo bá kọ ọ́ pé àwọn kan rí omi, àwọn kan ò rí, aláṣẹ á ní ká lọ yanjú ara wa ná.

Ni mo bá tún un gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀, mo ń kọ ibi tí kálukú ń gbé síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé Alhaji wà nísàlẹ̀, nítòsí páìpù ńlá. Ti ìyá náà wà lórí òkè, níbi tí páìpù parí sí. Ẹnì kẹta sì ti sọ ọ́ láàárín ariwo pé àwọn kan máa ń so pọ́ńpù mọ́ páìpù bí omi bá ti dé. Bí wọ́n bá ń fà á nísàlẹ̀, agbára tí yóò ti omi gun òkè á tán. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bó bá jẹ́ orísun omi ló gbẹ, bíi ti ọdún 2019 tí adágún Goronyo fà gidigidi, ìsàlẹ̀ náà ò ní rí omi. Nítorí náà ni ìwé wa ṣe béèrè pé kí wọ́n wá wo bí omi ṣe ń tì ní ẹ̀rọ tó kẹ́yìn lórí òkè, lóru.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ "wọ́n ní." Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí páìpù tó bẹ́ máa ń lè dárúkọ ibi tó ti bẹ́. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, "a gbọ́ pé" ni mo máa ń kọ sí tirẹ̀. Àtẹ́wọ́ pẹ̀lú kì í ṣe ìpinnu. Àfi bí alága bá béèrè tí ilé sì dáhùn ni mo tó ń kọ ọ́ pé a fẹnu kò, màá sì kọ ìṣẹ́jú tí a ti lè gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni àwọn obìnrin máa ń jókòó sí, ibẹ̀ sì jìnnà sí fóònù. Mo máa ń lọ bá wọn nílé, màá sì kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ìpàdé ni mo gbọ́ èyí.

Kí ìwé tó lọ, mo kà á fún Alhaji, mo sì kà á fún ìyá náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní òun kọ́ lòún sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì ṣe é fi ránṣẹ́.