Ẹ Bi Wá, Ṣùgbọ́n Kí Lẹ Fi Ìdáhùn Wa Ṣe?

Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí tí ọmọ kan já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Tunga Low Cost níbí, tó sì fi ọwọ́ ṣẹ́. Irin tí àwọn ọmọ ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà ló tú. Ní ọjọ́ kejì mo pe àwọn tíṣà jọ, ọ̀kan nínú wọn sì sọ wẹ́rẹ́ pé, “Pásítọ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé irin yẹn ti ń mì láti bí oṣù méjì.”

Inú bí mi. Mo ní, “Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ? Ṣé mi ò pín ìwé fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé kí ẹ kọ ohun tó ń dùn yín?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìgbà tí wọ́n tú ká ni tíṣà yẹn dúró dè mí. Ó ní, “Ẹ má bínú sà. Ẹ bi wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wa.”

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kó ìwé wọnnì jáde, mo tún wọn kà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” “Kò sí wàhálà.” Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tí mo ṣe. Mo dúró níwájú wọn lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo pín ìwé, mo fi àyè orúkọ sókè ẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́run, kí wọ́n sì mú un wá bá èmi fúnra mi kí wọ́n tó lọ sílé. Èmi tí mo ń sanwó fún wọn! Ta ló máa kọ pé irin ti tú, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo sọ ní ìpàdé tó kọjá pé kò sówó àtúnṣe, kí ẹnikẹ́ni má tún dá a sílẹ̀?

Àbúrò ìyàwó mi jẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo ròyìn fún un lórí fóònù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń bi àwa náà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn wa kọ́ ló ń gba ìwé yẹn.” Ó wá là mí lọ́yẹ̀.

Láti ọdún 2003 ni àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NHS, ti ń ṣe ìwádìí èrò àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lọ́dọọdún, nígbà ìwọ́wé. Iléeṣẹ́ mìíràn tó wà lóde ló ń gba ìdáhùn. Iléeṣẹ́ yẹn mọ ẹni tó ti dáhùn, kó lè rán ẹni tí kò tíì dáhùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwòsàn ò ní rí ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn tó dáhùn ní ẹ̀ka kan bá kéré jù, wọn kì í gbé iye ẹ̀ka yẹn jáde rárá, nítorí pé láàrin èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò sí bí wọn ò ṣe ní mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2013 ni agbẹjọ́rò Robert Francis gbé ìròyìn ìwádìí ńlá jáde lórí ilé ìwòsàn Stafford, níbi tí àwọn aláìsàn ti jìyà àìbójútó láàrin 2005 sí 2009. Lára ohun tó hàn nínú ẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ti kígbe síta, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó tẹ̀lé igbe wọn ò tẹ̀lé e, àwọn mìíràn sì dákẹ́.

Síbẹ̀, ìbò ojú nìkan ò tó. Ìbéèrè méjì wà nínú ìwádìí NHS tó mú mi lọ́kàn. Èkíní ń béèrè bóyá òṣìṣẹ́ gbà pé kò séwu bí òun bá sọ ohun tó ń kọ òun lóminú. Èkejì ń béèrè bóyá ó dá a lójú pé ibi iṣẹ́ òun máa ṣe nǹkan sí i bí òun bá sọ ọ́. Ní 2023, bí èèyàn 62 nínú 100 ló sọ bẹ́ẹ̀ ni sí èkíní, ṣùgbọ́n bí 50 péré ló sọ bẹ́ẹ̀ ni sí èkejì. Ẹ wò ó: àwọn kan wà tí ẹ̀rù ò bà, wọ́n kàn mọ̀ pé nǹkan kan ò ní tìdí ẹ̀ yọ ni. Lọ́dún yẹn náà, ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ tí kò dá ìwé padà rárá.

Èyí ni mo fi tún ti tiwa ṣe. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógún la ní: tíṣà mẹ́rìnlá, àwọn mẹ́sàn-án yòókù sì jẹ́ máígádì, awakọ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń dáná. Mo ti fẹ́ ya iye àwọn tíṣà sọ́tọ̀ sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án kéré jù, nítorí náà a pa gbogbo wọn pọ̀. A ò béèrè ọjọ́ orí, a ò béèrè kíláàsì tàbí ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà obìnrin tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá kọ ìyẹn sílẹ̀ ti kọ orúkọ ẹ̀ nìyẹn.

A bẹ Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń lọ sí ìjọ mìíràn, pé kí wọ́n bá wa gba ìwé náà. Lẹ́tà tí a fi pe àwọn òṣìṣẹ́ nìyí:

“Sí gbogbo òṣìṣẹ́ wa. Ọmọ kan fara pa nítorí ohun tí a bá ti tún ṣe ká ní a ti gbọ́. Èmi ni mo ṣe é tó fi ṣòro fún yín láti sọ. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé yìí, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kò pọn dandan, ẹ sì lè fo èyí tí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn. Ẹ má kọ orúkọ. Màmá nìkan ló máa rí ìwé yín. Wọ́n á ṣírò ẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn tún ọ̀rọ̀ yín kọ, wọ́n á sì sun ìwé náà. Ohun kan ṣoṣo tí a ò ní bò mọ́lẹ̀ ni bí ẹ bá kọ pé ẹnì kan ń ṣe ọmọdé níbi. Àpótí máa di títì lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, a máa ka àbájáde fún yín, èyí tó dáa àtèyí tí kò dáa. A ò lè ṣèlérí àfikún owó oṣù. Ohun tí a lè ṣèlérí ni pé ohun tí ẹ bá sọ, ẹ ó gbọ́ ohun tí a ṣe sí i, tàbí ìdí tí a ò fi ṣe é.”

Bírò kan náà la pín fún gbogbo wọn. A ò gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi. Àwọn mẹ́ta ò lè kàwé, ọ̀kan nínú wọn ò sì gbọ́ ju Nupe àti Haúsá lọ. Màmá ló jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá, wọ́n ka ìbéèrè fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀gá wọn ló kà á fún wọn ni, a ò kúkú ṣe nǹkan kan. A ò sì ṣàmì sí orúkọ ẹni tó ti fi tiẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn la jọ rán létí lẹ́ẹ̀kan.

Mọ́kànlélógún ló padà. Nínú wọn, mẹ́sàn-án ló sọ pé àwọn lè sọ ohun tí kò dára láìbẹ̀rù. Márùn-ún péré ló gbà pé a máa ṣe nǹkan sí i. Méjìlá sì fara mọ́ gbólóhùn kan tí Màmá fúnra wọn fi síbẹ̀: “Pásítọ̀ máa ń bínú bí a bá sọ òótọ́ fún wọn.”

Mo bẹ Màmá pé kí a yọ èyí kúrò, torí kò kan iṣẹ́. Wọ́n ní, “Pásítọ̀, bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti dáhùn ẹ̀ nìyẹn.” Nínú ìgbìmọ̀ náà, alàgbà kan gbé ọ̀rọ̀ kan wò, ó ní, “Èyí, mo mọ ẹni tó kọ ọ́.” Èmi náà ti ń méfò nínú ọkàn mi. Màmá gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá tún dárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn á dìde. Láti ọjọ́ yẹn, òfin wa ni pé a kì í wá ẹni tó sọ ọ́. Ohun tó sọ la máa ń wò.

Ọjọ́ tí a dá náà ni mo ka àbájáde. Iye gan-an ni mo kà, mi ò lo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé nínú èèyàn mọ́kànlélógún, ẹnì kan péré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ka tèmi náà. Ohùn mi ò lọ tààrà. Lẹ́yìn náà la lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, tó ní ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ẹ sọ, ohun tí a ṣe, ẹni tó ń ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí.

Ẹ sọ pé irin àtẹ̀gùn: a ti jó o pọ̀ kí a tó ka àbájáde, kí ẹ lè fojú rí ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ pé ẹ kì í mọ ọjọ́ tí owó oṣù máa wọlé: akọ̀wé owó máa san án ní ọjọ́ 28, bí kò bá sì ṣeé ṣe, a máa sọ fún yín ní ọjọ́ 25. Ẹ sọ pé kí a dẹ́kun yíyọ owó ẹni tó bá pẹ́: a ò dẹ́kun ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní yọ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí òjò bá pa ẹni tó ń bọ̀ láti Chanchaga. Ẹ sọ pé kí a fi kún owó: a ò tíì lè ṣe é, iye tó wọlé àti iye tó jáde nìyí, ẹ wò ó. Ní ti ìbínú mi, a kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀sùn, kó kọ́kọ́ bá Màmá sọ ọ́.

Awakọ̀ wa dúró níwájú ògiri yẹn pẹ́ títí. Ó ní, “Wọ́n kọ èyí tí wọn ò lè ṣe náà síbẹ̀.” Èyí ló yà á lẹ́nu jù.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìbéèrè kan náà la tún bi wọ́n, a ò yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà, kí a lè fi wé ti tẹ́lẹ̀. Ogún ló dáhùn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ pé àwọn lè sọ̀rọ̀, mẹ́tàlá gbà pé a máa ṣe nǹkan. Àwọn méje ṣì wà tí kò gbà á gbọ́, mi ò sì mọ̀ wọ́n. Irin kan ṣì ń mì ní ẹ̀yìn ilé ìdáná báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ ló wá sọ fún mi lọ́sàn-án gangan, níwájú èèyàn. Wẹ́dà máa dé lọ́la.