Nígbà Tí Orúkọ Oníbàárà Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Gùn Ní Bródì Sítírììtì

Orúkọ pọ̀ ní Erékùṣù Èkó, oríṣiríṣi sì ni. Ní Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tó ti Bràsílì dé tẹ̀dó sí ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹ ó bá Da Silva, ẹ ó bá Pereira, ẹ ó sì bá D'Almeida tí ó ní àmì kékeré lórí lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ kọjá sí Balógun àti Ìdúmọ̀tà, àmì & ló kún ara pátákó ṣọ́ọ̀bù: baba & àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n & àbúrò, ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n dòwò pọ̀. Nígbà tí a ń fi gègé kọ orúkọ wọ̀nyí sínú ìwé ńlá, kò sí wàhálà kankan. Ìgbà tí a kó wọn sínú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀.

Ọ́fíìsì tí mo ń sọ yìí wà ní Bródì Sítírììtì. A ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Apápá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe ètò kan fún wa tí gbogbo yàrá á fi lè rí àkọsílẹ̀ oníbàárà lójú kọ̀ǹpútà. PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, MySQL ni àká tí orúkọ ń wọ̀ sí, ojú ìwé HTML sì ni a ń rí nínú búráúsà. Iṣẹ́ mi ni láti bójú tó o lẹ́yìn tí àwọn tó kọ ọ́ ti gba owó wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ àmì rárá. Nínú HTML, àṣẹ àti ọ̀rọ̀ jọ ń gbé inú fáìlì kan náà ni. Bí búráúsà bá rí <, tí lẹ́tà lásán bíi a tàbí s sì tẹ̀ lé e, àṣẹ ló máa kà á sí. Bí ó bá rí &, ó ń retí kóòdù. Níbì kan tí ètò wa kì í ti pààrọ̀ àmì, akọ̀wé wa kan máa ń fi gbèsè oníbàárà sáàárín àmì méjì báyìí:

```
Bélì 3 <san owó díẹ̀>
```

Lójú ìwé, "Bélì 3" nìkan ló hàn. Búráúsà rò pé àṣẹ kan tí ń jẹ́ san ni, kò mọ àṣẹ náà, ó sì fò ó. Gbèsè ènìyàn pòórá lójú gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú àká digbí. Ẹni tó bá ní èrò ibi lè fi àṣẹ gidi síbẹ̀, `<script>`, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá ṣí ojú ìwé náà. Ní oṣù kejì ọdún 2000 ni àjọ CERT ní Amẹ́ríkà kéde ewu yìí fún gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ < di `&lt;`, > di `&gt;`, & di `&amp;`, tí àmì ọ̀rọ̀ méjèèjì, " àti ', náà sì ní kóòdù tiwọn. Búráúsà yóò rí kóòdù, yóò sì ya àmì gidi fún òǹkàwé. Ẹsikéèpù ni àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè é.

Bí alábàárù ṣe ń di ẹrù ní Balógun ló rí: ó di í kí ó má bàa tú lọ́nà, ẹni tó gbà á yóò sì tú u lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá di í lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹni tó gbà á tú u lẹ́ẹ̀kan, àpò ni yóò bá, kò ní rí ẹrù. Búráúsà kì í tú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn méjì ló kọ ètò wa. Ẹni tó kọ apá tí ń gba orúkọ wọlé bẹ̀rù àmì wọ̀nyí, ó sì ń pààrọ̀ wọn kí ó tó kó wọn sínú àká. Ẹni tó kọ apá tí ń gbé orúkọ jáde bẹ̀rù bákan náà, ó tún ń pààrọ̀ wọn. Ẹ̀rù tó ba àwọn méjèèjì tọ́. Wọn kò kàn bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. N kò ní dárúkọ oníbàárà kankan; ẹ jẹ́ ká ní ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ìdòwú & Àlàbá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ náà nìyí, láti ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí dé inú àká àti inú fáìlì tó lọ bá búráúsà:

```
Ìdòwú & Àlàbá
Ìdòwú &amp; Àlàbá
Ìdòwú &amp;amp; Àlàbá
```

Búráúsà tú ìlà kẹta lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ojú wa sì rí ni "Ìdòwú &amp; Àlàbá". Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní kò ba nǹkan jẹ́, gbogbo ènìyàn mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ó ba nǹkan jẹ́. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Ẹkonẹ́ẹ̀tì àti MTN bẹ̀rẹ̀ GSM. Àwọn oníṣòwò tí kò ní ju nọ́ńbà Nítẹ́lì kan lọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nọ́ńbà bí ẹní pààrọ̀ aṣọ, Gíló sì tún dé ní 2003. Gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá yí padà, akọ̀wé á ṣí fọ́ọ̀mù oníbàárà, á tún nọ́ńbà ṣe, á sì tẹ àmì ìkópamọ́. Kò fọwọ́ kan orúkọ, àmọ́ fọ́ọ̀mù náà kó orúkọ pẹ̀lú gbogbo ìyókù padà sínú àká. Inú àpótí fọ́ọ̀mù, `&amp;` ló wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Apá tí ń gbà wọlé rí & nínú rẹ̀, ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó di `&amp;amp;` nínú àká. Lẹ́tà mẹ́rin, `amp;`, ló ń wọlé kún orúkọ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ààyè orúkọ nínú àká wa kò ju lẹ́tà 40 lọ. Ìdòwú & Àlàbá jẹ́ 13, tí a bá ka àlàfo mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti kó o pamọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ti di 37. Ẹ̀ẹ̀keje, ó yẹ kó di 41, nítorí náà àká gé lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó di "Àlàb". Ẹ̀ẹ̀kẹjọ, lẹ́tà mẹ́rin mìíràn wọlé láàárín, lẹ́tà mẹ́rin jáde níparí, orúkọ Àlàbá sì lọ pátápátá. MySQL ìgbà náà, bí wọ́n ṣe tò ó fún wa, kì í pariwo bí ó bá gé nǹkan. Ìdòwú nìkan ló kù, pẹ̀lú ìrù `amp;` gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú òwò tí ẹni méjì dá, kí orúkọ ẹnì kan pòórá kúrò nínú ìwé ẹrù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ti D'Almeida yàtọ̀ díẹ̀. Àpótí fọ́ọ̀mù wa fi àmì ' dí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, iṣẹ́ `htmlspecialchars` ti PHP kì í sì pààrọ̀ ' bí a kò bá fi ENT_QUOTES kún un. Ọdún 2021, nínú PHP 8.1, ni wọ́n tó sọ ọ́ di ohun tí ń ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tó lọ bá búráúsà nìyí:

```
<input name='oruko' value='D'Almeida'>
```

D nìkan ló hàn nínú àpótí. Bí akọ̀wé bá kó o pamọ́ bẹ́ẹ̀, D náà ni oníbàárà ń jẹ́ láti ọjọ́ yẹn lọ. Ẹni tó pààrọ̀ àmì lẹ́ẹ̀mejì níbì kan ni kò pààrọ̀ rẹ̀ rárá níbòmíì, nínú ètò kan náà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti orúkọ àdúgbò wa fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ọ́fíìsì wa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tòótọ́, tí kì í gbà kí wọ́n kọ Yorùbá láìsí àmì. Èkó níbí ni àwọn oníjọ ti péjọ ní 1875 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá, kò sì rí ìdí tí kọ̀ǹpútà yóò fi dá wa padà sẹ́yìn. Ó máa ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú Word sínú fọ́ọ̀mù. Ó tẹ Ìsàlẹ̀ Èkó sí ààyè àdúgbò, níbi tí apá àbáwọlé kì í ti pààrọ̀ àmì, èyí ló sì rí lójú ìwé:

```
Ìsàl&#7865;&#768; Èkó
```

Ó bi mí pé, "Àbúrò, kí ló dé tí Èkó dúró, tí Ìsàlẹ̀ fọ́?" Ìbéèrè náà dára ju bó ṣe rò lọ. Wọ́n ti kéde ojú ìwé wa gẹ́gẹ́ bí ISO-8859-1, àkójọ lẹ́tà àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ì, à, È àti ó wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn Faransé, Ítálì àti Sípéènì ń lò wọ́n. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ kò sí níbẹ̀, àmì ohùn tó gun orí rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ bákan náà. Nígbà tí búráúsà fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kò rí àyè fún wọn, ó sì fi nọ́ńbà wọn dípò: 7865 fún ẹ, 768 fún àmì ohùn. Àpò kìíní nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sínú ètò. Bí apá tí ń gbé orúkọ jáde bá wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe tọ́, & tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà di `&amp;`, òǹkàwé sì rí nọ́ńbà dípò lẹ́tà. Nítorí náà, ẹni tó bá yẹ ètò rẹ̀ wò látòkè délẹ̀ lè má rí àpò kejì. Ibi tí yóò wò ni ìkéde lẹ́tà ojú ìwé. A sọ ojú ìwé di UTF-8, a sọ àká náà di bẹ́ẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó sì dúró pé.

Títún ìyókù ṣe ní ètò tirẹ̀, kò sì yẹ kí a yí i po. A kọ́kọ́ yẹ gbogbo ẹnu ọ̀nà àbájáde wò, kí ó dá wa lójú pé kò sí ibi tí orúkọ ti ń jáde láìpààrọ̀ àmì. Lẹ́yìn náà ni a tó yọ ìpààrọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, kí àká lè máa gba orúkọ gan-an bí oníbàárà ṣe sọ ọ́. Bí a bá kọ́kọ́ yọ ti àbáwọlé, ihò ni à bá ṣí sílẹ̀ fún `<script>`. Ìgbẹ̀yìn ni a tó wá àwọn orúkọ tó ti bàjẹ́:

```
SELECT oruko FROM onibara
WHERE oruko LIKE '%&amp;%';
```

A tú wọn títí kò fi sí `amp;` mọ́. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí oníbàárà wa kan tó ní ìdí láti tẹ `&amp;` fúnra rẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ń kọ̀wé lórí HTML, bíi èyí tí mò ń kọ yìí, títú títí dé ìdí yóò ba ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn jẹ́, nítorí kò sí ohun tó ń mú èyí tí a dì yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀. PHP tún fún wa ní àṣàyàn kan ní 2007, `double_encode`, tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di `false`, kì í pààrọ̀ & tó bá ti dà bíi kóòdù. Mo rí i tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Ojú ìwé á dára lójú, àmọ́ àká ṣì bàjẹ́, orúkọ tí a sì tẹ̀ sórí ìwé ẹrù láti inú àká náà ṣì ní ìrù.

Àwọn orúkọ tí àká ti gé kò ṣeé tú. A ní láti gbé ìwé ńlá àtijọ́ sílẹ̀ láti orí àjà, kí a sì pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ ètò lónìí, bí ẹ bá rí `amp;` lójú ìwé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ ìlà tí yóò máa pa á rẹ́ níwájú òǹkàwé. Ẹ ṣí àká yín wò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, orúkọ ẹnì kan ti ń gùn lọ síbi tí wọn yóò ti gé e.